Ara ọmọ kò gba ẹyin, ẹ má tìtorí ẹ̀ pa káàdì àjẹsára rẹ̀ tì

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ wà lẹ́yìn odi, àwa ti Jọ́ọ̀sì, ti Kánò, ti Kàdúná, ti Mínà, àti ibi gbogbo tí iṣẹ́ òòjọ́ gbé wa dé. Ọ̀rọ̀ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni mo gbé wá lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i. Yàrá abẹ́rẹ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Jọ́ọ̀sì, ohun tí mo sì rí ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn ni mo fẹ́ sọ.

Mọ́ín-mọ́ín ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Màmá àgbà kan ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá kí ọmọ rẹ̀ obìnrin níbí, ó sì se mọ́ín-mọ́ín ẹlẹ́mìí, ẹ mọ̀ ọ́n, eléyìí tó ní ẹja, edé àti ẹyin sísè nínú. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ó fọwọ́ rún ibi ẹyin yẹn díẹ̀, ó fi sí i lẹ́nu. Ìyá ọmọ ní kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ètè ọmọ fi wú, tí ara rẹ̀ lé kókó-kókó láti ọrùn dé ẹsẹ̀, tó bì lẹ́ẹ̀mejì, tí àyà rẹ̀ sì ń dún bíi ti ẹni tó ní ikọ́ fée. Epo pupa ni wọ́n kọ́kọ́ rọ fún un. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, ẹni yẹn fún wọn ní òògùn olómi tó ń lé ara yíyún lọ. Nígbà tó máa di alẹ́, ara ti rọ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì gbàgbé.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, àsìkò abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́sàn-án tó. Ẹnì kan ní ìjọ sọ fún ìyá ọmọ pé ẹyin ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo abẹ́rẹ́ àjẹsára, pé tó bá gbé ọmọ yẹn lọ, àfọwọ́fà ni. Ó ká káàdì ọmọ sínú dúrọ́ọ̀. Ká má bàa máa dá a lẹ́bi nìkan, èyí kọ́ ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ara ọmọ yìí gbóná lóru, ó sunkún di àfẹ̀mọ́júmọ́, itan rẹ̀ sì wú. Bàbá ọmọ ní abẹ́rẹ́ náà ń bá a jà, pé kí wọ́n sinmi. Wọn ò padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, wọn ò wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá. Ọmọ pé oṣù mẹ́sàn-án pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ẹyọ kan ṣoṣo lára.

Èrò tèmi ni pé ohun méjì ni ìdílé yìí dà pọ̀ mọ́ ara wọn, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń dà á pọ̀. Ti ẹyin yẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ ńlá tòótọ́. Ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kì í ṣe àlọ́jì rárá. Ṣùgbọ́n eléyìí tí kì í ṣe àlọ́jì ló gba abẹ́rẹ́ púpọ̀ jù lọ́wọ́ ọmọ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Abẹ́rẹ́ tí à ń pè ní pẹ́ńtà ń gba ọmọ lọ́wọ́ àìsàn márùn-ún, ikọ́ àhúbì àti difitéríà wà lára wọn. Apá ti ikọ́ àhúbì inú rẹ̀ ló sábà máa ń fa ara gbígbóná, ẹkún àti itan wíwú. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, lálẹ́ ọjọ́ náà, á sì lọ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì. Ara ń kọ́ iṣẹ́ ni. Àlọ́jì gidi kì í dúró di alẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan sí wákàtí kan ló máa ń yọjú, ó sì máa ń mú ju ibì kan lọ lára: ara á lé, ètè tàbí ojú á wú, ọmọ á máa mí fée-fée, á bì, tàbí kó rọ jọwọrọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Irú èyí tó le gan-an ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn abẹ́rẹ́, bíi ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù kan ìwọ̀n abẹ́rẹ́ ni. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ lóòótọ́, abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ni a ó dá dúró títí dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ fi máa yẹ ọmọ wò. Àwọn yòókù tí nǹkan inú wọn yàtọ̀ ń lọ ní tiwọn. Kò sí ibi tí a ti ń sọ pé nítorí abẹ́rẹ́ kan, kí a pa káàdì tì.

Ìdí tí mo fi ń pariwo lórí pẹ́ńtà yìí ò jìnnà. Láti ìparí ọdún 2022 ni difitéríà ti tún ń pa àwọn ọmọ ní Nàìjíríà, Kánò ló sì ti le jù. Mélòó nínú wa ni kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Sábọ́n Gàrí? Ọ̀nà ọ̀fun ọmọ ni àìsàn yẹn ń dí. Ọmọ tó gba ìwọ̀n kan tí kò gba méjì yòókù kò tíì ní ààbò tó yẹ, ara gbígbóná òru ọjọ́ kan kò sì tó ohun tí a ó fi gba ààbò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá ku ti ẹyin. Ẹni tó sọ ọ́ ní ìjọ yẹn kò purọ́ tán, ó kàn fẹ ọ̀rọ̀ ju bó ṣe mọ lọ. Nínú gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà lórí káàdì ọmọ wa, ẹyọ kan ṣoṣo ló ní ọ̀rọ̀ ẹyin tó yẹ ká dúró lé lórí, òun ni abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Inú ẹyin adìyẹ tó ti ní ọmọ nínú ni wọ́n ti ń tọ́ kòkòrò ibà pọ́njú tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára, láti bíi ọdún 1937 tí wọ́n ti ṣe é jáde. Nítorí náà, díẹ̀ nínú èròjà ẹyin máa ń kù nínú ìgò. Abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, pẹ́ńtà, ti òtútù àyà, ti rọpárọsẹ̀, ti ìgbẹ́ gbuuru, kò sí ẹyin nínú ìkankan wọn.

Ti èéyi ló ń da ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì láàmú. Àwọn kan tí ń ṣe é máa ń lo ẹ̀yà ara ọmọ adìyẹ tí wọ́n tọ́ sínú agolo ìwádìí, kì í ṣe inú ẹyin fúnra rẹ̀, ohun tó sì ń kù níbẹ̀ kéré débi pé kò ṣe ọmọ ní nǹkan kan. Ní ọdún 1995 wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ọmọ 54 tí ara wọn kò gba ẹyin. Wọ́n fún gbogbo wọn ní abẹ́rẹ́ èéyi ní odindi ìwọ̀n, kò sí èyí tó ní wàhálà ńlá nínú wọn. Láti ìgbà yẹn ni àwọn dókítà ti gbà pé àlọ́jì ẹyin, bó ti wù kó le tó, kì í dá abẹ́rẹ́ èéyi dúró. Ẹ jọ̀ọ́, tí nọ́ọ̀sì kan bá lé yín padà nítorí èyí, ẹ fẹ̀sọ̀ ní kó pe ọ̀gá rẹ̀.

Mo lẹ́nu láti sọ ọ́ torí mo ti ṣe é rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìyá kan sọ pé ẹyin ń mú ara ọmọ òun lé. Mi ò béèrè ìbéèrè kan. Mo ní, "Ẹ gbé e lọ, kò lè gba ti èéyi." Lọ́dún yẹn náà ni èéyi mú ọmọ yẹn, wọ́n gbé e padà wá bá wa pẹ̀lú òtútù àyà. Ó yè. Ìyá rẹ̀ ò bú mi, èyíinì gan-an ló dùn mí jù.

Nígbà tí ìyá ọmọ ọlọ́mọ́ín-mọ́ín yìí fi pè mí, mo ní kó mú káàdì jáde nínú dúrọ́ọ̀, kó sì mú màmá àgbà dání, torí òun ló fún ọmọ jẹun. A jókòó. Mo bi wọ́n léèrè kí ni ọmọ jẹ gan-an, ó sì tó ìṣẹ́jú mélòó kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n ka gbogbo ohun tí wọ́n rí lára rẹ̀. Ìbéèrè tí mo fi sí ìparí ló ṣe pàtàkì jù: ṣé ó ti jẹ ẹyin tàbí ohun tó ní ẹyin nínú láti ọjọ́ náà, kéèkì, ẹyin díndín, ohunkóhun? Nítorí ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin tàbí kéèkì láìsí wàhálà lè gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú bíi ti gbogbo ọmọ, bí wọ́n tilẹ̀ ní ara rẹ̀ lé nígbà kan. Màmá àgbà ní, "Nọ́ọ̀sì, ta ni ó tún fún un? Ẹ̀rù ò jẹ́ ká jẹ ẹyin nínú ilé mọ́." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ètè tó wú, èébì àti àyà tó ń dún láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èyíinì kì í ṣe ohun tí èmi lè fojú fò dá. Edé àti ẹja náà wà nínú mọ́ín-mọ́ín yẹn o, ó lè jẹ́ àwọn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi ẹyin ni wọ́n rún fún un. Dókítà nìkan ló lè ya wọ́n sọ́tọ̀.

Báyìí ni a ṣe é. Lọ́jọ́ náà gan-an, ọmọ gba ti èéyi, ti yírunyírun, pẹ́ńtà ẹlẹ́ẹ̀kejì, ti òtútù àyà, a sì kán ti rọpárọsẹ̀ sí i lẹ́nu. A kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ọmọ pẹ́ kó tó padà wá, ibi tó bá dúró sí ni a ti ń bá a lọ. Adirẹnalíìnì ti wà lórí tíréè kí n tó fọwọ́ kan ọmọ. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mílílítà 0.01 fún kílò kan, láti inú ìgò tó jẹ́ 1 nínú 1,000. Ọmọ yìí wọn kílò mẹ́jọ, ìyẹn mílílítà 0.08, inú ẹran itan ni a sì ń gún un sí. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé tí àlọ́jì ńlá bá dé, òun ni òògùn rẹ̀. Òògùn olómi oníkẹ́míìsì kì í ṣí ọ̀nà ọ̀fun tó ń dí, epo pupa kò sì ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe níbẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fi jókòó lójú wa. Ọmọ sunkún, ó mu ọyàn, ó sùn. Lálẹ́, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá ọmọ ò sọ nǹkan kan.

Ti ibà pọ́njú nìkan ni mo dá dúró. Mo kọ lẹ́tà sí dókítà àwọn ọmọdé ní ọsibítù ńlá, mo sì fi bírò kọ ọ́ sórí káàdì pé ara ọmọ yìí kò gba ẹyin, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí wọ́n rí. Òfin kan wà tí àwọn òbí kì í mọ̀. Ti èéyi àti ti ibà pọ́njú, kòkòrò inú àwọn méjèèjì ṣì wà láàyè bí wọ́n tilẹ̀ ti sọ wọ́n di aláìlágbára, nítorí náà, tí ọmọ kò bá gbà wọ́n lọ́jọ́ kan náà, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. A lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn dáadáa: nígbà tó pé, ó gba pẹ́ńtà ẹlẹ́ẹ̀kẹta lọ́dọ̀ wa, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ó lọ sí ọsibítù ńlá.

Níbẹ̀, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi dán ara ọmọ wò. Wọ́n kán ẹ̀kán kan sí awọ apá, wọ́n fi orí abẹ́rẹ́ gún ibẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì dúró bíi ogún ìṣẹ́jú. Kò wú. Wọ́n wá pò ó mọ́ omi ní ìlọ́po 100, wọ́n fi mílílítà 0.02 sínú awọ. Ìyẹn wú, ó sì pọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé ó parí nìyẹn, ṣùgbọ́n kò parí. Wọ́n ṣe àlàyé fún ìyá àti bàbá pé àwọn lè pín ìwọ̀n náà sí wẹ́wẹ́, kí ara máa gbà á díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fi wákàtí tó kù lé e lọ́wọ́ láti rò ó. Wọ́n gbà. Mílílítà 0.05 èyí tí wọ́n pò ní ìlọ́po mẹ́wàá ló kọ́kọ́ wọlé. Lẹ́yìn bíi ogún ìṣẹ́jú, 0.05 tí wọn ò pò mọ́ nǹkan, lẹ́yìn náà 0.10, lẹ́yìn náà 0.15, lẹ́yìn náà 0.20. Ẹ ṣírò àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn yẹn, 0.5 gééré ni, ìwọ̀n kan náà tí ọmọ tó kù ń gbà. Lẹ́yìn ìkẹrin, ara rẹ̀ lé díẹ̀ ní ẹ̀yìn ọrùn, wọ́n dúró, wọ́n fún un ní òògùn ara yíyún, ó rọlẹ̀, wọ́n parí rẹ̀. Wọ́n mú un mọ́lẹ̀ níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ má ṣe gbìyànjú èyí ní sẹ́ńtà kékeré o, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ní òun mọ̀ ọ́n ṣe é fún yín nínú ilé. Ibi tí dókítà, adirẹnalíìnì, ọ́síjìn àti ibùsùn wà ni a ti ń ṣe é. Ohun mìíràn tó máa ń dá a dúró ni ìgò. Ìgò ibà pọ́njú kan jẹ́ ti èèyàn mẹ́wàá, tí a bá sì ti pò ó, láàárín wákàtí mẹ́fà ni a gbọ́dọ̀ lò ó tán, a ó da èyí tó kù nù. Nítorí náà, ọjọ́ tí àwọn ọmọ mìíràn bá wá ni wọ́n máa ń fún irú ọmọ yìí náà. Wọ́n lè ní kí ẹ padà wá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má bínú, ẹ padà lọ.

Àwọn kan á ní, ṣé dandan ni? Kí ó kúkú fo ti ibà pọ́njú. Ẹ rántí pé ní ọdún 2017, Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwárà, ilé wa níbẹ̀, ni wọ́n ti rí ọmọbìnrin kékeré tí ibà pọ́njú mú, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a ti rò pé ó ti lọ. Ní ọdún 2019 ó jà ní Alkaleri ní ìpínlẹ̀ Bauchi, lẹ́bàá Yánkàrí, tí kò jìnnà sí àwa ará Jọ́ọ̀sì. Ẹ̀fọn ló ń gbé e, inú igbó ni àwọn ọ̀bọ ti ń tọ́jú rẹ̀, kò sì sí òògùn tó ń pa kòkòrò rẹ̀ lára ẹni tó bá mú. Àwa tí à ń fi ọmọ sẹ́yìn lọ sílé ní ọdún Iléyá àti Kérésì ń gba ojú ọ̀nà yẹn kọjá. Ìwọ̀n kan ṣoṣo sì ni, ó tó fún gbogbo ayé ọmọ. Wàhálà ọjọ́ kan ni.

Tí dókítà bá sì wò ó tó ní rárá, ewu rẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọ yìí, èyíinì náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Kí gbogbo ará ilé yòókù gba tiwọn, kí ẹ máa da omi tó dúró sínú kẹ̀ǹgbẹ̀ àti táyà nù torí ẹ̀fọn tó ń gbé e ní ìgboro, ọ̀sán ló ń jẹ èèyàn. Kí ẹ sì gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà. Ọmọ tó bá dàgbà tó fẹ́ lọ Hájì tàbí òkè òkun, wọ́n á béèrè káàdì yẹ́lò, òfin àgbáyé sì fàyè gba lẹ́tà dókítà fún ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á.

Ohun kan tó kù tí mo rí láàárín àwa gan-an. Àwọn ìyá wa kan máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹyin pa mọ́ nítorí kí wọ́n má bàa lé wọn padà, àwọn mìíràn ò sì lè sọ ọ́ torí Háúsá ni nọ́ọ̀sì ń sọ. Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: kwai ni ẹyin, kumburi ni wíwú, amai ni èébì, allura ni abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá sọ kwai tí ẹ fọwọ́ kan ètè ọmọ tí ẹ sọ kumburi, ó ti yé wọn. Ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fa abẹ́rẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ wà lórí pèéjì yìí, tí ìyá bá ti lè sanwó kẹ̀kẹ́ wá sọ òótọ́ fún yín, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. "Ó ní ẹyin, ẹ máa lọ" kì í ṣe ìdáhùn.

Ó ku ìwọ̀n èéyi ẹlẹ́ẹ̀kejì fún ọmọ wa ní oṣù 15, ọjọ́ rẹ̀ ti wà lórí káàdì. Dókítà ní ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn kò gba ẹyin máa ń bọ́ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó wọ ilé ìwé, ṣùgbọ́n ọsibítù ni wọn á ti dán an wò, kì í ṣe ilé ìdáná. Màmá àgbà ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní tí òun bá tún wá, òun á se mọ́ín-mọ́ín, ṣùgbọ́n ìkòkò ti ọmọ á dá wà lọ́tọ̀, kò ní sí ẹlẹ́mìí kankan nínú ẹ̀.